Oòrùn Ni Tàbí Iná Wa?

 

Ní ọjọ́ kan, mo yà kí àgbà àgbẹ̀ kan ní oko rẹ̀. A jókòó sí abẹ́ igi ọsàn, a ń sọ̀rọ̀ nípa ooru tí ó ń mú. Mo ní àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn gáàsì kan tí ń ti ara iná wa jáde ni wọ́n ń mú ayé gbóná sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, oòrùn ni èmi ń rí lókè yìí, n kò rí gáàsì kankan. Ta ni ó gun òkè lọ tí ó rí i pé gáàsì ni, kì í ṣe oòrùn?”

Ẹnu mi wọhò. Kì í ṣe pé ìdáhùn kò sí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn bèèrè ni Bàbá bèèrè. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni ó ń mú ayé gbóná, kò sí ẹni tí ó lè bá oòrùn ṣẹjọ́. Ohun tí ó kù fún wa ni pé kí a wá ibòji. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iná tí àwa ènìyàn dá ni, a jẹ́ pé ẹni tí ó dá iná lè dín in kù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ yìí dáadáa lálẹ́ òní. Ìbéèrè mẹ́ta ni a óò dáhùn. Èkínní: ǹjẹ́ gáàsì tí ojú kò rí lè dá ooru dúró? Èkejì: ǹjẹ́ gáàsì náà ń pọ̀ sí i, ta sì ni ó ń mú un pọ̀? Ẹ̀kẹta: báwo ni a ṣe mọ̀ pé òun ni, kì í ṣe oòrùn?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, oòrùn a máa ràn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òtútù a dé. Kí ó tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹni tí kò ní aṣọ ìbora a máa gbọ̀n. Ní ìgbà òjò ẹ̀wẹ̀, oòrùn lè má fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́sàn-án, síbẹ̀ ooru a máa mú wa lóru tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn a gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Kò lè jẹ́ oòrùn, nítorí kò sí oòrùn lóru ní ìgbà méjèèjì. Afẹ́fẹ́ ni ó yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti aṣálẹ̀ wá, ó gbẹ, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò kún fún ọ̀rinrin àti ìkúukùu. Ooru tí ilẹ̀ ti gbà lọ́sàn-án a máa jáde lọ sí òkè ní òru ọyẹ́ láìsí ohun tí yóò dá a dúró. Ní òru ìgbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa mú púpọ̀ nínú rẹ̀, a sì tún máa rán díẹ̀ padà sí ilẹ̀. Ojú wa kò rí ọ̀rinrin náà, ṣùgbọ́n ara wa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, irú ooru wo ni ilẹ̀ ń rán jáde? Ẹ rántí alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá yọ irin nínú iná, irin náà pupa, ó ń tàn. Bí ó bá gbé e kalẹ̀ díẹ̀, pípupa náà a lọ, irin a tún dúdú. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé ojú yín súnmọ́ ọn láì fi kàn án, ẹ óò mọ̀ pé nǹkan kan ṣì ń ti ara rẹ̀ jáde wá bá yín. Ìtànṣán ni nǹkan náà, ṣùgbọ́n ojú wa kò lè rí i. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ìtànṣán ooru. Ohun gbogbo tí ó ní ìwọ̀n ooru lára ni ó ń rán an jáde: irin, ògiri, ara wa, àti ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀. Oòrùn ń rán ìmọ́lẹ̀ sí ayé; ìmọ́lẹ̀ náà ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láìsí ìdíwọ́ púpọ̀, ó ń mú ilẹ̀ àti òkun gbóná; ilẹ̀ àti òkun sì ń rán ìtànṣán ooru padà sí òkè. Bí èyí tí ó wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó jáde, ayé kò ní gbóná sí i, kò sì ní tutù sí i. Bí nǹkan bá dí ọ̀nà èyí tí ó ń jáde, ayé yóò máa gbóná títí tí wọn yóò fi tún dọ́gba.

Dídí ọ̀nà yìí kì í ṣe ohun búburú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí i rárá, ìwọ̀n ooru ojú ayé, bí a bá pa gbogbo ibi pọ̀, ìbá jẹ́ nǹkan bí dígírì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Ṣùgbọ́n nǹkan bí dígírì 15 sí òkè òdo ni ó wà. Aṣọ ìbora yìí ni ó jẹ́ kí a wà láàyè. Ohun tí a ń ṣẹjọ́ lé lórí ni pé aṣọ náà ń nípọn sí i.

Wàyí o, ta ni ó kọ́kọ́ rí i pé gáàsì lè mú ìtànṣán ooru? Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, gbé ìgò gíláàsì tí ó kún fún oríṣiríṣi gáàsì sí inú oòrùn, ó sì rí i pé èyí tí gáàsì tí ń jáde lára èédú tí ń jó wà nínú rẹ̀ gbóná ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kò lè ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìtànṣán ooru. Ọkùnrin ará Áílándì kan, John Tyndall, ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe. Ó mú ọ̀pá idẹ oníhò gígùn kan. Ó ní láti dí ẹnu ọ̀pá náà lápá méjèèjì kí gáàsì má baà jáde, ṣùgbọ́n kò lè fi gíláàsì dí i, nítorí gíláàsì fúnra rẹ̀ ń dá ìtànṣán ooru dúró. Ó wá fi iyọ̀ òkúta tí ó mọ́ gaara dí i, nítorí ìtànṣán ooru a máa gba inú iyọ̀ kọjá. Ó gbé ohun èlò tí omi híhó wà nínú rẹ̀ sí ẹnu kan, ó sì gbé ẹ̀rọ tí ń mọ ooru, tí ó ní abẹ́rẹ́, sí ẹnu kejì. Lẹ́yìn náà ó gbé omi híhó mìíràn sí apá kejì ẹ̀rọ náà, kí ooru méjèèjì lè dọ́gba bí igbá òṣùwọ̀n méjì, kí abẹ́rẹ́ lè dúró sí òdo. Bí ohunkóhun bá dí ooru tí ń gba inú ọ̀pá kọjá, bí ó ti wù kí ó kéré tó, abẹ́rẹ́ yóò yà.

Ó rọ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí a ti sẹ́ mọ́ sínú ọ̀pá: abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì. Ó gbìyànjú ọ́síjìn àti náítírójìn, àwọn méjì tí ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí: bákan náà ni. Ó fi afẹ́fẹ́ tí ó ní ọ̀rinrin sí i: abẹ́rẹ́ yà. Ó fi gáàsì ti èédú sí i: abẹ́rẹ́ yà. Àwọn onímọ̀ ń pe gáàsì yìí ní kábọ́nì-dayọ́ksáìdì. Kí ọ̀rọ̀ má baà wúwo lẹ́nu wa, n ó máa pè é ní gáàsì èédú. Kì í ṣe èéfín dúdú tí ń ta ojú o. Gáàsì èédú kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Èéfín ni ẹ̀ ń rí. Gáàsì náà ń bá a jáde láìjẹ́ kí ẹ rí òun.

Kí ni ó dé tí èyí ń mú ooru tí ọ́síjìn kò sì mú un? Ẹyọ ọ́síjìn jẹ́ horo méjì tí ó jọra, tí wọ́n so mọ́ra. Náítírójìn náà bẹ́ẹ̀. Ẹyọ gáàsì èédú jẹ́ horo mẹ́ta: kábọ́nì kan láàárín, ọ́síjìn ní ọ̀tún àti ní òsì. Horo mẹ́ta yìí lè tẹ̀, wọ́n sì lè mì ní ọ̀nà tí ó bá ìtànṣán ooru mu. Ẹ mọ oníjó tí kì í dìde àfi bí onílù bá lu ìlù tirẹ̀. Bí ìtànṣán ooru bá dé, gáàsì èédú gbọ́ ìlù tirẹ̀, ó dìde, ó gba ooru náà, ó ń mì. Kò pẹ́ tí ó fi pín ooru náà fún àwọn ẹyọ afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì tún máa rán ìtànṣán jáde sí gbogbo ìhà. Díẹ̀ lọ sókè, díẹ̀ padà sílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní dídá ooru dúró kò ju èyí lọ.

Ẹnìkan yóò sọ pé, “Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé gáàsì yìí kò ju ẹyọ 4 nínú ẹyọ afẹ́fẹ́ 10,000. Kí ni 4 lè ṣe láàárín 10,000?” Ẹ bi àwọn ìyá wa tí ń pa aró. Aró díẹ̀ nínú ìkòkò omi ńlá a máa sọ omi náà di dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní rí ìsàlẹ̀ ìkòkò mọ́. Omi pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi kì í dí ìmọ́lẹ̀; aró ni ó ń dí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́síjìn àti náítírójìn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ẹjọ́ yìí.

Ìbéèrè kìíní parí síbẹ̀. Ó di èkejì: ǹjẹ́ gáàsì náà ń pọ̀ sí i?

Ní oṣù Kẹta 1958, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Charles Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì èédú lórí òkè Mauna Loa, ní erékùṣù Hàwáì láàárín òkun Pàsífíìkì. Ibi tí ẹ̀rọ náà wà ga ju mítà 3,000 lọ. Ó yan ibẹ̀ nítorí pé ó jìnnà sí ọkọ̀, sí ìlú, àti sí igbó, tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tí ń dé ibẹ̀ ti pò pọ̀ dáadáa. Lóòótọ́, òkè tí ń tu iná ni Mauna Loa, gáàsì sì lè máa jò lára rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bí ti òkè náà bá dà mọ́ ti afẹ́fẹ́? Bí ó bá jẹ́ ti òkè, òǹkà náà a máa fò sókè fò sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn bá ń ti ibi tí ó ń jò wá. Bí ó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́ gbogbo ayé, òǹkà náà a dúró jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Wọn a yọ ti òkè kúrò.

Ohun méjì ni Keeling rí. Èkínní ni pé gáàsì náà a máa lọ sókè, a sì máa wá sílẹ̀ lọ́dọọdún, bí ẹni tí ń mí. Ó ga jù ní oṣù Karùn-ún. Lẹ́yìn náà àwọn igbó ńlá ìhà àríwá ayé á rúwé, wọn á máa jẹ gáàsì náà, á sì wálẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Èkejì ni pé kì í wálẹ̀ dé ibi tí ó wà ní ọdún tí ó ṣáájú. Ní 1959, nínú ẹyọ afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan, gáàsì èédú jẹ́ 316. Ní 2024, ó ti tó nǹkan bí 424. Tí a bá fẹ́ mọ ti ayé àtijọ́, yìnyín Àńtátíkà ni a óò bi. Bí yìnyín ti ń gun ara wọn lórí lọ́dọọdún, ó ń sé afẹ́fẹ́ ìgbà náà mọ́ inú ihò kékeré. Àwọn onímọ̀ ti gbẹ́ yìnyín yìí jáde, wọ́n sì ti wọn afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó dé, òǹkà náà jẹ́ nǹkan bí 280, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kọjá 300 ní gbogbo ọdún 800,000 tí yìnyín náà rántí.

Ó dára. Gáàsì ń pọ̀. Ta ni ó ń mú un pọ̀? Ṣé kì í ṣe òkun tàbí àwọn òkè tí ń tu iná? Ọ̀nà méjì ni a fi lè mọ̀.

Ọ̀nà kìíní jẹ́ ti ìṣirò, àwọn ọmọdé sì lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ ní kóló kan, tí ẹ ń fi náírà 5 sínú rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹ bá fọ́ ọ, tí ẹ wá rí i pé náírà 2 àti ààbọ̀ péré ni ó ń wọ ibẹ̀ lóṣooṣù, ṣé ẹ óò sọ pé ẹlòmíràn ni ó ń bá yín fi owó síbẹ̀? Rárá o. Ẹ óò sọ pé ẹnìkan ń yọ nínú rẹ̀. A mọ iye èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì tí aráyé ń sun, nítorí pé ọjà ni wọ́n, a sì ń kọ iye wọn sílẹ̀. Bí a bá fi ti igbó tí a ń pa kún un, ohun tí a ń tú sínú afẹ́fẹ́ lọ́dún tó láti mú òǹkà yẹn fi nǹkan bí 5 ga. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 2 àti ààbọ̀ ni ó ń fi ga. Ìyókù ńkọ́? Òkun àti igi ni wọ́n ń gbé e mì. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, òkun àti igi ń bá wa yọ ni, wọn kò bá wa fi kún un. Ní ti àwọn òkè tí ń tu iná, ohun tí wọ́n ń tú jáde lọ́dún kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa.

Ọ̀nà kejì ni ti àmì ara. Horo kábọ́nì kan wà tí à ń pè ní kábọ́nì 14. Òkè sánmà lọ́hùn-ún ni a ti ń dá a, nígbà tí ìtànṣán láti òde ayé bá lu afẹ́fẹ́. Igi ń jẹ ẹ́, ẹran ń jẹ igi, nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lára ohun alààyè gbogbo. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ títí láé: láàárín ọdún 5,730, ìdajì rẹ̀ a ti tán, láàárín iye ọdún bẹ́ẹ̀ mìíràn, ìdajì èyí tí ó kù a tún tán. Epo rọ̀bì àti èédú ilẹ̀ jẹ́ òkú ewéko àti ohun alààyè inú omi tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, nítorí náà kábọ́nì 14 inú wọn ti tán pátápátá. Ẹ mọ ẹmu àbùlà. Ẹni tí ó mọ adùn ẹmu ògidì, bí ó bá tọ́ ọ wò, á mọ̀ pé a ti bu omi sí i, bí kò tilẹ̀ rí ẹni tí ó bu ú. Bí gáàsì láti ara epo àti èédú ilẹ̀ bá ń wọ inú afẹ́fẹ́, kábọ́nì 14 inú afẹ́fẹ́ yóò di àbùlà. Ní 1955, Hans Suess wọn ìpele ọdọọdún inú ara igi, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Lẹ́yìn náà, àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí a dán wò ní àwọn ọdún 1950 sí 1963 tú kábọ́nì 14 tuntun púpọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ó sì ba òǹkà náà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí ó ti dàgbà ṣáájú àwọn bọ́ǹbù náà ni Suess fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè já a ní koro.

Ó wá ku ìbéèrè Bàbá gan-an: báwo ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn?

Lákọ̀ọ́kọ́, a ń wọn oòrùn fúnra rẹ̀. Láti 1978 ni àwọn sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n láti òde afẹ́fẹ́. Agbára rẹ̀ a máa ga, a sì máa wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 11, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ, oòrùn kò sì tíì lágbára sí i láti ìgbà náà wá. Ní àárín àwọn ọdún kan náà, ayé gbóná sí i púpọ̀. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù láti ìgbà tí a ti ń wọ̀n ọ́n. Ó fi nǹkan bí dígírì kan àti ààbọ̀ ga ju bí ó ti rí ní àárín 1850 sí 1900 lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí a ronú nípa òkè. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni ó ń ràn sí i, gbogbo afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni ìbá máa gbóná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé aṣọ ìbora ni ó ń nípọn sí i, abẹ́ aṣọ ni yóò gbóná, ẹ̀yìn aṣọ yóò sì tutù. Ní òkè sánmà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ṣán, gáàsì èédú ń rán ooru jáde lọ sí òfìfo ju èyí tí ó ń rí gbà láti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ó bá pọ̀ sí i níbẹ̀, ibẹ̀ yóò máa tutù sí i. Ní 1967, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald ṣe ìṣirò èyí kí ẹnikẹ́ni tó lè fi ìwọ̀n gidi hàn án. Lẹ́yìn náà ni àwọn sátẹ́láìtì àti bàlúùnù tí a ń fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru sí wá fi hàn pé ìsàlẹ̀ ń gbóná, òkè sánmà sì ń tutù, pàápàá ní apá òkè pátápátá rẹ̀. Oòrùn kò lè ṣe irú èyí.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá ní ta ni ó gun òkè lọ wò ó. Àwọn ẹ̀rọ ti gùn ún lọ. Ní 1970, sátẹ́láìtì kan tí à ń pè ní Nimbus 4 wọn ìtànṣán ooru tí ń ti ayé jáde, ó sì yà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùmàrè ti ń ya àwọ̀. Ní 1997, sátẹ́láìtì àwọn ará Japáànù tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tí a fi méjèèjì wéra, a rí i pé ooru tí ń jáde ti dín kù ní ibi tí ó jẹ́ ìlù gáàsì èédú gan-an, àti ní ibi tí ó jẹ́ ti mẹ́tééni, gáàsì tí ń jáde láti inú àbàtà, lára màlúù àti níbi tí a ti ń wa epo. Àwọn mìíràn sì dúró sí ìsàlẹ̀, ní Okilahómà àti ní Àlásíkà, wọ́n kọ ẹ̀rọ wọn sí òkè láti 2000 sí 2010, wọ́n sì rí i pé ooru tí gáàsì èédú ń rán padà sí ilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó fi ìdá 2 nínú 10 wáàtì kan pọ̀ sí i lórí mítà onígun-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá náà. Ẹni tí ó dúró lókè rí i pé ooru kò jáde tó bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó dúró nílẹ̀ rí i pé ó ń padà wá. Ẹ̀rí méjèèjì bára mu.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé, “Ìwọ ni o sọ pé ọ̀rinrin ni ó ń mú òru ìgbà òjò gbóná. Kí ni ó dé tí ẹ kò fi ẹjọ́ náà lé ọ̀rinrin lọ́wọ́?” Òtítọ́ ni pé nínú gbogbo àwọn gáàsì tí ń dá ooru dúró, ọ̀rinrin ni ó ń dá èyí tí ó pọ̀ jù dúró. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lókè. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, ó lè gba ọ̀rinrin tí ó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà ọ̀rinrin kì í ṣíwájú. Ó ń tẹ̀lé ooru ni, á sì tún fi kún un. Gáàsì èédú ni ó ń ṣíwájú, nítorí pé bí a bá tú u sílẹ̀ lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò wà lókè fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí a má sì ṣi ẹ̀rí lò o. Bí oòrùn bá mú gan-an ní oṣù Kẹta kan, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ayé ń gbóná. Bí ọyẹ́ ọdún kan bá tutù ju ti ìdí rẹ̀ lọ, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí pé kò gbóná. Ojú ọjọ́ a máa yí padà láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ní láti wo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún pọ̀, kí ó sì fi wé ọgbọ̀n ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀.

Mo padà lọ sí oko Bàbá. Mo sọ gbogbo èyí fún wọn, títí dé orí ẹmu àbùlà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bi mí pé, “Bí a bá pa gbogbo iná yẹn lónìí, ṣé ooru á lọ lọ́la?” Mo ní, “Rárá, Bàbá. Èyí tí ó ti wà lókè kò ní tètè sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá dẹ́kun títú u síbẹ̀, ooru kò ní fi bẹ́ẹ̀ ga jù bí ó ti wà lọ mọ́, ṣùgbọ́n kò ní padà sí ti ìgbà èwe yín.” Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Nígbà náà, ọjọ́ tí a bá dẹ́kun ni yóò sọ bí aṣọ tí àwọn ọmọ wa yóò bora yóò ti nípọn tó.”

N kò ní ohun tí mo lè fi kún un. Ó dàárọ̀ o.